Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra ní Kàbà: Ọmọ Kékeré, Èébì àti Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé ìparí táàmù ní Kàbà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, títí dé ìbéèrè tó kẹ́yìn.)

Òkun o, ẹ̀yin ìyá wa. Òkun o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Mo rí i pé àwọn kan wá láti Ìyàrá, àwọn kan láti Ìsánlú, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ má jí i nítorí tèmi.

Ilé-ìwé ti fẹ́ parí, àwọn èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́. Èmi sì mọ ohun tó ń bọ̀, torí nọ́ọ̀sì ni mí, yàrá àwọn ọmọdé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni ọmọ rẹ̀ kò tíì bì sí i lára nínú ọkọ̀ rí? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ò rí i? Ọwọ́ kò tó márùn-ún. Ọ̀rọ̀ tèmi náà nìyẹn.

Ìrìnàjò tí mo kọ́kọ́ bà jẹ́

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan, èmi àti ọmọ mi obìnrin ń lọ sí Èkó. Ọmọ ọdún 4 ni nígbà náà. Ọ̀nà Ìyámoyè la gbà bọ́ sí Òmùò, ká tó gba Ìkọ̀lé, Adó àti Àkúrẹ́ kọjá sí Ọ̀rẹ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Ìyá rere ni mo pe ara mi. Mo jí i ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo fún un ní ìrẹsì àti ọbẹ̀, mo dín ẹyin sí i, mo po tíì oní-mílíìkì fún un kún kọ́ọ̀bù. Mo ní ọ̀nà jìn, kí ebi má pa ọmọ mi.

A dé gáréèjì, iwájú ti kún. Síìtì tó kẹ́yìn pátápátá ló kù, la bá wọlé síbẹ̀. Kó má baà dà mí láàmú, mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kó máa wo àwòrán ọmọdé. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú mi dùn.

Kí a tó dé Ìyámoyè, ó ti ń yán. Mo ní oorun ni, nítorí mo jí i ní kùtùkùtù. Ó ní, "Mọ́mì, inú ń dùn mí." Mo ní kó fara balẹ̀. Ó ń gbé itọ́ mì lemọ́lemọ́, ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀ mọ́. A kọjá Òmùò, ọkọ̀ ń gba kọ́ọ̀nà, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀, gbogbo ìrẹsì yẹn bá jáde sórí ìró ìyá àgbà tó jókòó tì wá. Ọlọ́run bù kún ìyá náà, kò bínú.

Ibi tí mo ti ṣìṣe jù lọ ṣì ń bọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, mo bá ya piọ́ wọ́tà kan fún un, ó fà á mu tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé, ó bì í padà. Mo ra mínírà fún un, mo ní ṣúgà á fún un lágbára. Ó tún bì í. Nígbà tí a fi máa dé Àkúrẹ́, ètè rẹ̀ ti gbẹ, orí rẹ̀ wà léjìká mi bí ẹyẹ tí òjò pa. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ọmọ yìí kò tíì tọ̀ láti Kàbà. Nọ́ọ̀sì ni mí o! Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tó ń bì ní wọ́ọ̀dù, mo dénú ọkọ̀, mo gbàgbé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síwájú yín lónìí.

Ohun tó ń gbé èébì wá

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, níbi tí igi ìfọtí kì í dé, àwọn ihò tín-ín-rín kan wà tí omi wà nínú wọn. Bí ara bá mì, omi yẹn á mì, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé, "À ń lọ o." Ojú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń rán. Bí ojú bá ń wo ọ̀nà, òun náà á ní, "Òótọ́ ni, à ń lọ." Kò sí ìjà.

Ṣùgbọ́n ọmọdé kúrú. Tó bá jókòó, kí ló ń rí? Ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ ni. Àga yẹn kò sì kúrò lójú kan. Ojú ń sọ pé, "A jókòó sójú kan," etí ń sọ pé, "À ń lọ, a ti yà sọ́tùn-ún, a ti wọ gálọ́ọ̀pù." Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, ọpọlọ dàrú, èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ. Tí ẹ bá wá gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ẹ ti dá kún un, torí fóònù tún dúró sójú kan ju ẹ̀yìn àga lọ.

Ẹ ti rí dírẹ́bà tó ń bì rí? Ó ṣọ̀wọ́n. Dírẹ́bà ń wo iwájú, ó ti mọ̀ pé kọ́ọ̀nà ń bọ̀ kí ara rẹ̀ tó tẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kì í sábà ní ìyọnu yìí. Láti ọdún 2 títí dé nǹkan bí ọdún 12 ló máa ń le jù, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Nítorí náà, kì í ṣe àkóràn, kì í ṣe pé ọmọ náà ń ṣe àkẹ́jù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ nà án nítorí rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó gbá ọmọ létí nínú ọkọ̀ torí ó bì. Ó dùn mí dénú.

Ibi tí ọmọ máa jókòó

Lẹ́yìn ìrìnàjò yẹn, mo pinnu pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni jókòó sẹ́yìn mọ́. Nínú bọ́ọ̀sì elérò 18 tí a máa ń wọ̀, síìtì tó kẹ́yìn ti kọjá táyà ẹ̀yìn. Bí táyà bá wọ kòtò, ibẹ̀ ló máa ń fò sókè jù. Ìlà tó tẹ̀ lé ẹ̀yìn dírẹ́bà ni kí ẹ wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí ìlà yẹn bá ti kún, tí àyè yín sì gbà á, ẹ dúró de ọkọ̀ tó máa tẹ̀ lé e. Wákàtí kan ní gáréèjì sàn ju wákàtí mẹ́jọ èébì lọ.

Ẹ má gbé ọmọ sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà o. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa rí ọ̀nà dáadáa, ṣùgbọ́n tí bíréèkì bá gbá, ojú gíláàsì ni ọmọ ń lọ. Tí owó bá wà, ẹ san síìtì fún un kó jókòó fúnra rẹ̀, kí ẹ ká ìró lé abẹ́ ìdí rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dé fèrèsé. Tó bá jẹ́ orí ẹsẹ̀ yín ló wà, ẹ má fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ẹ̀yin méjèèjì ká, torí ara yín ló máa tẹ̀ ẹ́ tí ọkọ̀ bá dúró lójijì.

Kí ó wá máa wo ọ̀ọ́kán. Èmi àti ọmọ mi ní eré kan tí a máa ń ṣe: ta ló máa kọ́kọ́ rí òkè? Ẹ mọ̀ pé òkè pọ̀ lágbègbè wa, láti Kàbà títí dé Òmùò. Ohun tó jìnnà lẹ ní kó wò. Igi ẹ̀bá ọ̀nà tó ń sáré kọjá, òun gan-an lè dá òòyì sílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbé ẹja gbígbẹ tàbí kẹ́ẹ̀gì epo sábẹ́ àga, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ dírẹ́bà kó kó o sí búùtù kí ọkọ̀ tó gbéra. Òórùn nìkan tó láti ti ọmọ tí inú rẹ̀ ti ń ru ṣubú.

Oúnjẹ: ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí

Àṣìṣe méjì la máa ń ṣe. Àwọn kan á fi oúnjẹ kún ọmọ bíi tèmi. Àwọn kan á ní kó má jẹ nǹkan kan kó má baà bì. Èkejì yìí kò dára. Ikùn tó ṣófo máa ń ru bí ikùn tó kún, tí ọmọ bá sì bì láìsí nǹkan nínú, omi kíkorò ni yóò máa pọ̀, èyí sì ń dá ọmọ lóró.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Bí ọkọ̀ bá máa gbéra ní aago méje, oúnjẹ ọmọ gbọ́dọ̀ ti wọlé ní aago márùn-ún ààbọ̀. Oúnjẹ fúyẹ́ ni: ẹ̀kọ ìlàjì, tàbí iṣu sísè ègé méjì láìsí epo, tàbí búrẹ́dì gbígbẹ. Kò sí dídín, kò sí ọbẹ̀ ata, kò sí mílíìkì. Ọ̀rá máa ń pẹ́ nínú ikùn kó tó dà, ohun tó bá sì pẹ́ nínú ikùn ni gálọ́ọ̀pù máa rí gbé jáde.

Lójú ọ̀nà, mo máa ń fún un ní nǹkan kékeré ní bíi wákàtí kan sí méjì síra. Ẹ wò ó, báyìí ló ṣe tó: bísíkíìtì kíráákà méjì, tàbí ìlàjì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí búrẹ́dì tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń di wọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké láti ilé, kí ó má baà rí odindi páálí kó máa sunkún rẹ̀. Omi ni kó máa mu, díẹ̀díẹ̀. Mínírà ní afẹ́fẹ́ nínú tó ń wú ikùn, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀jù.

Ìrẹsì inú kúlà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín ló ń gbé e. Oúnjẹ sísè tó bá ti lo ju wákàtí méjì lọ nínú ooru ọkọ̀, ẹ má fún ọmọ mọ́. Mọ́ínmọ́ín náà wà níbẹ̀. Tó bá wá bì lálẹ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni tàbí oúnjẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ẹ̀pà, gúgúrú tàbí súwíìtì líle nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀pà ni wọ́n ń gbé wá sójú fèrèsé. Wọ́n gbé ọmọ ọdún 2 kan wá sọ́dọ̀ wa rí, ọkọ̀ ló wọ kòtò bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà. Ó wúkọ́, ó dákẹ́, wọ́n rò pé ó ti tán. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wúkọ́, tí àyà rẹ̀ ń han lápá kan, kí wọ́n tó gbé e dé. Ẹ̀pà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá la gbé e lọ kí wọ́n tó rí i yọ. Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun tí kò lè sunkún tí kò lè wúkọ́, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, gbígbá tó lágbára. Ẹ má ti ìka bọ ọ́ lọ́fun láìrí nǹkan náà, ẹ lè tì í wọlé sí i.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Èébì kì í dé láìránṣẹ́. Ọmọ tó ń pariwo á dákẹ́. Á máa yán. Itọ́ á kún un lẹ́nu. Òógùn tútù á bo iwájú orí rẹ̀, ètè rẹ̀ á ṣì. Ọmọ kékeré kì í sọ pé, "Èébì ń gbé mi." Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ ni pé inú ń dun òun. Nígbà tí ẹ bá rí méjì nínú àwọn àmì yìí, ẹ gba nǹkan ọwọ́ rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kó gbé orí ti àyà yín kí orí má máa mì, kó wo ọ̀ọ́kán tàbí kó di ojú. Bí dírẹ́bà bá lè dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Kí ọ̀rá méjì tí ẹ ti ki bọ ara wọn wà nítòsí, kì í ṣe inú báàgì tó wà lórí ọkọ̀.

Tó bá bì ńkọ́? Kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi omi nu ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ má fún un ní nǹkan kan, bó tilẹ̀ ń sunkún omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bu omi sínú ìdérí ìgò omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí tíì kan. Ìdérí kan, ẹ ka ìṣẹ́jú 2 sí 3, ìdérí mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ikùn á gba èyí tó kéré, á sì ta odindi piọ́ wọ́tà dànù.

Tó bá bì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, omi ORS ló dára jù. Ẹ ra páálí rẹ̀ dání láti ilé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti omi lítà kan, ìyẹn piọ́ wọ́tà 50cl méjì. Ẹ ka ara páálí, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dá a sí méjì kí ẹ máa fi ojú wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Oògùn

Àwọn kan ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ kó lè sùn. Àwọn kan ń dá egbòogi àgbàlagbà sí méjì. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́; ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ mọ̀ ọ́n. Oògùn èébì ọkọ̀ wà, bíi pirométásìnì, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, torí ó lè dín èémí rẹ̀ kù. Ọmọ tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ṣe wúwo sí ni wọ́n ń wọn tirẹ̀, ọwọ́ dókítà tàbí apòògùn ni ẹ ti máa gbà á. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń lò ó. Tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn náà á bá a jáde.

Ìrìnàjò kejì

Ní àsìkò Àjíǹde, a tún gba ọ̀nà kan náà. Ẹ̀kọ ìlàjì ní aago márùn-ún ààbọ̀, ọkọ̀ gbéra ní aago méje, ìlà kejì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìró mẹ́rin lábẹ́ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn Òmùò ó dákẹ́, ó yán lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí fèrèsé, mo gbé orí rẹ̀ ti àyà mi. Ó bì lẹ́ẹ̀kan kí a tó dé Ìkọ̀lé, díẹ̀ báyìí, sínú ọ̀rá. Mo wo aago mi, ìṣẹ́jú 15. Ó sunkún omi, mo sì fara dà á. Mo wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ìgò. Kí a tó dé Adó, ó ti mu bí ìdérí 12, kò sì bì í. Ó sùn. Ní Àkúrẹ́ ó tọ̀, mo sì dúpẹ́ fún ìtọ̀ yẹn ju bí mo ṣe ń dúpẹ́ fún owó lọ. Ní Ọ̀rẹ́ ó jẹ kíráákà méjì, ó béèrè ẹ̀kẹta.

Ìgbà tí kì í ṣe ọkọ̀

Èébì ọkọ̀ máa ń rọlẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti dúró, láàárín wákàtí díẹ̀. Tí ara ọmọ bá gbóná, ọkọ̀ kọ́. Lágbègbè wa, èébì pẹ̀lú ara gbígbóná lè jẹ́ ibà, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Tí èébì bá ní àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀, tí ọrùn bá le, tí kò bá tọ̀ fún wákàtí 6 sí 8, tó bá ṣòro láti jí i lójú oorun, ẹ má dúró de ilé ẹ̀gbọ́n ní Èkó. Ẹ sọ̀ sí ìlú tó bá wà níwájú yín, ẹ béèrè ilé ìwòsàn.

Mo gbọ́ ìbéèrè ìyàwó wa tó wà lẹ́yìn. Ó ní ọmọ òun jẹ́ oṣù 5, wọ́n ń lọ sí Abuja, ṣé kó gbé omi àti bísíkíìtì dání fún un. Rárá o, ìyàwó wa. Oṣù 5, ọmú nìkan. Kò sí omi, kò sí bísíkíìtì, kódà nínú ooru. Bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́mú kí ó tó pariwo, kí o sì fún un lọ́mú níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ní Lọ́kọ́ja, ní Abájì, torí gálọ́ọ̀pù lè jẹ́ kí wàrà ọmú há a lọ́fun tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ìwọ gan-an ni kó o gbé omi dání fún ara rẹ.